Wọ́n dá áàpù mi padà pẹ̀lú ẹ̀sùn méjì: èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Àlàbí_Olùkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣe áàpù kan fún àwọn ẹgbẹ́ ìkàwé. Ènìyàn á dá yàrá sílẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa kọ èrò wọn nípa ìwé tí wọ́n ń kà, wọ́n sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fi ń wọlé. Bí o bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ, a ó fi kóòdù ránṣẹ́ sí i.

Mo fi ẹ̀dà ti iPhone ránṣẹ́ sí Apple fún àyẹ̀wò, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀sùn méjì. Àkọ́kọ́ ni òfin wọn 2.1, pé wọn ò rí ọ̀nà wọ inú áàpù. Èkejì ni 2.3.3, pé àwòrán ojú-fóònù tí mo gbé síbẹ̀ kò fi áàpù hàn bí a ṣe ń lò ó. Mo fi ọjọ́-orí àwọn tó lè lò ó sí 4+, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ṣé bí mo bá tún méjèèjì ṣe, ó parí nìyẹn?

Akínkanjú

Àbúrò, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Bó ṣe rí yẹn gan-an ni kí o tún un fi ránṣẹ́. Olùyẹ̀wò kan yàtọ̀ sí èkejì, èyí tó bá kàn lè jẹ́ kó kọjá. Ní ti ọjọ́-orí, 18+ ni kí o fi sí. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ìyá_Kóòdù

Akínkanjú, òótọ́ ni pé olùyẹ̀wò yàtọ̀ síra. Mo ti rí ohun tí ẹnì kan fojú fò tí ẹlòmíràn sì mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó tì, gbogbo wọn ló tì mọ́ níta. Bó bá fi bẹ́ẹ̀ rán an padà, èsì kan náà ni yóò gbà.

Àlàbí, ti 2.1 ni kí o kọ́kọ́ mú, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀sùn méjì tí wọ́n kọ sí ọ yẹn kì í ṣe gbogbo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú áàpù rẹ. Ohun tí olùyẹ̀wò rí láti ẹnu ọ̀nà ni. Kò tíì wọlé. Bó bá wọlé tán ni yóò rí yàrá ìjíròrò, ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ àti àkáǹtì, ẹ̀sùn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nítorí náà, dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ lórí 4+ rẹ kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé nìyí. Olùyẹ̀wò kò ní síìmù tí kóòdù rẹ máa wọ̀, kò sì ní fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Nínú App Store Connect, ní ojú ìwé ẹ̀dà tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, wá ibi tí wọ́n kọ App Review Information sí. Fi àmì sí Sign-in required, kí o wá kọ nọ́ńbà ìdánwò kan àti kóòdù tí kì í yí padà síbẹ̀. Lórí sáfà, nọ́ńbà yẹn nìkan ni kí o yọ kúrò nínú fífi kóòdù ránṣẹ́:

```
if (nomba === process.env.NOMBA_AYEWO) {
  return koodu === process.env.KOODU_AYEWO;
}
```

Sáfà ni kí èyí wà o, kì í ṣe inú áàpù fúnra rẹ̀, nítorí ohun tó bá wà nínú áàpù, ẹni tó bá tú u wò lè kà á. Àkáǹtì náà kò sì gbọdọ̀ ní agbára alábòójútó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé àkáǹtì ìdánwò kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí olùyẹ̀wò bá wọlé tó bá yàrá tí kò sẹ́nì kankan, kò ní mọ ohun tí áàpù rẹ ń ṣe. Fi í sínú yàrá bíi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti wà nínú wọn. Nínú Notes, kọ ọ́ ní gbólóhùn mélòó kan: tẹ ibí, ṣí yàrá báyìí, ibí ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Má sì pa nọ́ńbà ìdánwò náà rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, torí gbogbo ẹ̀dà tuntun ló ń padà gba àyẹ̀wò. Mo mọ ẹnì kan tó pa tirẹ̀ rẹ́ nígbà tó ń tún sáfà rẹ̀ ṣe, ẹ̀dà kejì tí kò ní ju àtúnṣe lẹ́tà méjì lọ ni wọ́n dá padà fún un.

Báyọ̀_Ọmọ_Áńdírọ́ọ̀dù

Kí ló dé tí ẹ ò sọ ti ènìyàn 12 yẹn fún un? Ó gbọ́dọ̀ wá ènìyàn 12 tó máa dán an wò fún ọjọ́ 14 tẹ̀léra tẹ̀léra kó tó lè fi áàpù síta. Ìyẹn ló dá èmi dúró. Mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn mi jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn míì.

Ìyá_Kóòdù

Báyọ̀, Google Play nìyẹn. Ẹ̀dà iPhone ni Àlàbí ń béèrè. Àkáǹtì ti ara ẹni tí wọ́n ṣí lẹ́yìn 13 Oṣù Kọkànlá 2023 ni òfin yẹn mú, kò kan àkáǹtì iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí o ti mú un wá: níbẹ̀ náà, ojú ìwé kan wà tó ń jẹ́ App access, nọ́ńbà ìdánwò kan náà ni yóò kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa ti ṣe ìdajì ti èkejì.

Ṣadé_Ayàwòrán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí àwọn àwòrán náà. Kí ló wà nínú wọn, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé?

Àlàbí_Olùkàwé

Mo ti gbé wọn síbí, márùn-ún ni. Àkọ́kọ́ ni àmì áàpù pẹ̀lú gbólóhùn ńlá kan lórí àwọ̀ aláwọ̀ ewé. Èkejì ni ojú ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta ni yàrá ìjíròrò, ṣùgbọ́n fóònù Android mi ni mo fi yà á nítorí òun ló wà lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin ni ojú ìwé èèyàn kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀karùn-ún ni pátákó ìwé, tí ẹ̀yìn àwọn ìwé hàn lórí rẹ̀.

Ṣadé_Ayàwòrán

Ó ti yé mi. Ẹyọ kan péré nínú márùn-ún ló ń sọ ohun tí ènìyàn máa ṣe nínú áàpù, fóònù tí kò yẹ lẹ sì fi yà á.

Òfin 2.3.3 sọ ọ́ gbangba pé àwòrán gbọ́dọ̀ fi áàpù hàn lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe àmì rẹ̀ lásán, kì í sì í ṣe ojú ìwọlé. Nítorí náà àkọ́kọ́ àti èkejì jáde. Ẹ̀kẹta, àmì Android tó wà lókè àwòrán yẹn, òfin míì ló kàn, 2.3.10, tí kò gba orúkọ tàbí àwòrán fóònù irú míì láyè. Ẹ̀kẹrin, ẹni gidi ni ẹ fi síbẹ̀. 2.3.9 ní kí ẹ lo àkáǹtì àfinúrò. Kódà bí ẹni náà bá gbà, ẹ má fi síbẹ̀.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń lo Simulator lórí Mac, màá yan iPhone tó tóbi jù, màá wọlé pẹ̀lú àkáǹtì ìdánwò tí Ìyá_Kóòdù sọ (ẹ rí i pé kíkún rẹ̀ wúlò lẹ́ẹ̀mejì), màá wá tún ìlà òkè ṣe kí aago àti bátìrì má baà máa yàtọ̀ láti àwòrán kan sí èkejì:

```
xcrun simctl status_bar booted override --time "9:41" --batteryState charged --batteryLevel 100
```

Command àti S ni mo fi ń ya á. Àwòrán tó bá jáde láti iPhone tó tóbi jù lọ máa ń jẹ́ 1320 × 2868, App Store Connect á sì máa fún un kéré fún àwọn fóònù tó kù. Ẹ lè fi tó 10 síbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi gbogbo ọkàn ṣe, nítorí nígbà tí ènìyàn bá ń wá áàpù, àwọn ló máa ń rí kó tó ṣí ojú ìwé yín rárá. Fún tiyín, èmi máa fi yàrá tí ìjíròrò ti ń gbóná ṣe àkọ́kọ́, ibi tí ẹnì kan ti ń fa ìlà yọ látinú ìwé ṣe èkejì, kí pátákó ìwé jẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹ lè kọ gbólóhùn kúkurú sókè àwòrán, wọn ò lòdì sí ìyẹn, kó ṣáà má bo áàpù mọ́lẹ̀.

Akínkanjú

Ṣadé, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ti Android yẹn. Ṣùgbọ́n áàpù tèmi, àwòrán tí mo yà lọ́wọ́ lásán ló wà níwájú, ó sì kọjá lọ́dún tó kọjá.

Ṣadé_Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe. Ṣé èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ń fi áàpù hàn lẹ́nu iṣẹ́? Bí ọ̀pọ̀ bá ń fi í hàn, wọ́n lè fojú fo ọ̀kan. Ti Àlàbí, ẹyọ kan ló ń fi í hàn.

Tèmítọ́pẹ́_Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yìn ìwé tó wà lórí pátákó yẹn ńkọ́? Àwọn ìwé gidi ni, àbí? Èrò tèmi ni pé kò sí wàhálà, torí gbogbo áàpù ìwé ló ń fi ẹ̀yìn ìwé hàn.

Ìyá_Kóòdù

Èmi ò ní sọ pé kò sí wàhálà. 2.3.9 kan náà ló ní ẹ̀tọ́ lílo gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán wà lọ́rùn ẹni tó ni áàpù. Àwọn tó ń tà ìwé lè ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Àlàbí kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi máa ya ẹ̀yìn ìwé àfinúrò mẹ́fà, kí ọkàn mi balẹ̀.

Tèmítọ́pẹ́_Òǹkọ̀wé

Ó dáa, ṣùgbọ́n áàpù tó ń fi ẹ̀yìn ìwé gidi hàn nínú rẹ̀, tó wá fi ti àfinúrò hàn níta, ṣé àwòrán náà ṣì ń sọ òótọ́ nípa áàpù? Mi ò dá a lẹ́jọ́, mo kàn ń béèrè ni. Àlàbí, jẹ́ ká rí àlàyé tí o kọ.

Àlàbí_Olùkàwé

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: “Áàpù ìkàwé tó dára jù lọ ní gbogbo ayé! Ó wà lórí Android náà. Láìpẹ́, áàpù yóò máa ka ìwé sókè fún ọ, yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó wù ọ́.” Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ti yàrá àti ìjíròrò.

Tèmítọ́pẹ́_Òǹkọ̀wé

Gbólóhùn mẹ́ta yẹn, kò sí ọ̀kan tó yẹ kó wà níbẹ̀. “Tó dára jù lọ” kò ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Android tún jẹ́ 2.3.10. Ẹ̀kẹta ló burú jù. Olùyẹ̀wò máa ń fi àlàyé rẹ wo áàpù rẹ. Bí o bá ní áàpù ń ka ìwé sókè, yóò wá bọ́tìnnì rẹ̀, kò sì ní rí i. “Láìpẹ́” tó wà níwájú rẹ̀ kò gbà ọ́, áàpù tí kò tíì parí ló máa dà bí. Yọ ọ́ kúrò, ọjọ́ tó bá dé ni kí o kọ ọ́.

Lẹ́tà 4000 ni àyè tó wà fún àlàyé, ṣùgbọ́n ìlà mélòó kan ló ń hàn kí ènìyàn tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń rí ìyókù. Fi iṣẹ́ áàpù síwájú: “Dá yàrá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìkàwé yín. Ẹ yan ìwé kan, ẹ pín in sí orí-orí, kí kálukú kọ èrò rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Ẹni tí kò tíì dé orí kẹta kò ní rí ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀.” Ṣé áàpù rẹ ń fi orí tí ènìyàn kò tíì kà pamọ́? Mo rí i nínú àwòrán rẹ, o ò sì mẹ́nu bà á níbì kankan. Ohun tó yà ọ́ sọ́tọ̀ gan-an nìyẹn.

Àlàbí_Olùkàwé

Ó ń fi í pamọ́! Mo rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá wa, ẹ sọ pé 4+ yẹn kò tíì kọjá. Ṣé kí n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n Akínkanjú, kí n fi sí 18+?

Ìyá_Kóòdù

Rárá. Ìwọ kọ́ lò ń mú nọ́ńbà, ìdáhùn rẹ ló ń mú un jáde. Ìbéèrè ni wọ́n á bi ọ́ nínú App Store Connect, ìdáhùn rẹ á sì gbé ọ lọ sí 4+, 9+, 13+, 16+ tàbí 18+. (Ẹni tó ń rántí 12+ àti 17+, 2025 ni wọ́n pààrọ̀ wọn.) Nínú àwọn ìbéèrè tuntun yẹn, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn tó ń lo áàpù ń kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí, àti bóyá wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ sí méjèèjì. Padà lọ wò ó bóyá ohun tí o dáhùn nìyẹn. Òfin 2.3.6 ní kí a dáhùn lódodo, nítorí òun ni fóònù tí òbí ti fi ìdènà sí fi ń mọ ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ rí.

Akínkanjú rí apá kan rẹ̀: wọ́n gbà kí o fúnra rẹ gbé ọjọ́-orí ga ju ohun tí ìdáhùn mú jáde lọ. Ṣùgbọ́n ṣe ni 18+ máa mú áàpù ìkàwé kúrò lójú àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé àwọn ló ní ẹgbẹ́ ìkàwé jù. Kò sì ní gbà ọ́ lọ́wọ́ òfin 1.2. Níbikíbi tí ènìyàn bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń kà, ohun mẹ́rin ni wọ́n máa wá: sísẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ọ̀nà láti fẹjọ́ ọ̀rọ̀ sùn kí a sì tètè dá sí i, ọ̀nà láti dí ẹni tó ń yọni lẹ́nu, àti ibi tí a ti lè kàn sí ọ. Èwo ni o ní?

Àwòrán náà ńkọ́, kódà kí áàpù jẹ́ 18+, àwòrán àti àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 4+, torí gbogbo ojú ló ń rí wọn. Nítorí náà, wo ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá tí o bá yà.

Àlàbí_Olùkàwé

Mo ní fífẹjọ́ sùn, mo sì ní ímeèlì. Dídí ènìyàn, mi ò ní in. Sísẹ́ ọ̀rọ̀, mi ò ní in. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe é.

Àlàbí_Olùkàwé

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ mẹ́jọ nìyí. Mo ṣe nọ́ńbà ìdánwò, mo ya àwòrán mẹ́fà tuntun, mo tún àlàyé kọ, mo fi dídí ènìyàn àti sísẹ́ ọ̀rọ̀ sí i, mo sì tún ìbéèrè ọjọ́-orí dáhùn. Mo rán an, wọ́n tún dá a padà. Ẹ̀sùn méjèèjì ti tẹ́lẹ̀ ti lọ. Méjì mìíràn ló dé: 5.1.1(v), pé mi ò jẹ́ kí ènìyàn pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ nínú áàpù, àti 2.1 lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi! Ti pípa àkáǹtì rẹ́, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi, èmi á pa á rẹ́.

Akínkanjú

Ṣé ẹ rí i? Kí ló dé tí wọn ò sọ èyí nígbà àkọ́kọ́?

Ìyá_Kóòdù

Torí pé wọn ò tíì wọlé nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti wà nínú ilé báyìí.

Ímeèlì kò tó. Láti 30 Oṣù Kẹfà 2022, áàpù tó bá jẹ́ kí ènìyàn ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ pípa á rẹ́ láti inú áàpù náà. Fi í sí ibi ètò àkáǹtì, níbi tí ojú ti lè rí i. O lè bi í pé ṣé ó dá a lójú, ṣùgbọ́n má ṣe é ní ìrìn àjò. Kí pípa rẹ́ náà sì jẹ́ pípa rẹ́. Pípa á mọ́ fún ìgbà díẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ní ti bọ́tìnnì, padà ka ìwé tí wọ́n kọ sí ọ. Wọ́n máa ń kọ orúkọ ohun tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀. Kí ni wọ́n kọ?

Àlàbí_Olùkàwé

iPad! Ṣùgbọ́n iPhone nìkan ni mo ṣe áàpù yìí fún.

Ìyá_Kóòdù

Áàpù iPhone ń ṣí lórí iPad, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ojú tó kúrú ju ti fóònù tuntun rẹ lọ ló máa ṣí sí. Ṣí i nínú Simulator lórí iPad, tẹ àyè ìkọ̀wé, kí o sì wo ibi tí bọ́tìnnì wà nígbà tí kíbọ́ọ̀dù bá gòkè.

Àlàbí_Olùkàwé

Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wà. Kò hàn rárá. Nọ́ńbà kan ni mo fi so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ojú, lórí fóònù gígùn ó ń yọ díẹ̀, lórí èyí kò yọ. Mo ti so ó mọ́ orí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ báyìí.

Báyọ̀_Ọmọ_Áńdírọ́ọ̀dù

Mo ti ń fojú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé Google náà ń béèrè pípa àkáǹtì rẹ́?

Ìyá_Kóòdù

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún fẹ́ àdírẹ́sì ojú-òpó kan lórí ìtàkùn níbi tí ẹni tó ti yọ áàpù kúrò lórí fóònù rẹ̀ ti lè béèrè fún un. Inú fọ́ọ̀mù Data safety ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

Àlàbí_Olùkàwé

Wọ́n ti gbà á, láàárọ̀ yìí. Mo lo ẹ̀yìn ìwé àfinúrò nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ìbéèrè Tèmítọ́pẹ́ ṣì wà lọ́kàn mi, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé ẹ̀yìn ìwé gidi sínú áàpù fúnra wọn. Ẹ̀dà kejì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà ìdánwò ṣì wà lórí sáfà, mi ò fọwọ́ kàn án.

Tèmítọ́pẹ́_Òǹkọ̀wé

Ẹ kú oríire. Èmi ṣì ń wá ẹni tó ti fi ẹ̀yìn ìwé gidi sínú àwòrán tí wọ́n sì bi í nípa ẹ̀tọ́. Bó bá wà níbí, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó fi dá wọn lóhùn.